Ìdúró ara ni OpenPose ń mú, kì í ṣe ojú ẹni inú fọ́tò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń fi Stable Diffusion, ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àwòrán, ya àwòrán, ó sì ti sú mi. Wọ́n ní bí èèyàn bá ti lè fún ẹ̀rọ ní fọ́tò ẹnì kan kó lè wo ìdúró rẹ̀, dandan ni kí ojú ẹni náà yọ lára ẹlòmíràn tí a fẹ́ yà, àfi tí a bá kọ ọ́ fún ẹ̀rọ pé kó má ṣe àdàkọ ojú náà. Wọ́n á wá kọ ìkìlọ̀ gígùn, ojú ọ̀hún á tún yọ, wọ́n á sì gbà pé òótọ́ làwọn ń sọ.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán gan-an. Nínú ControlNet, àfikún tó ń darí Stable Diffusion, tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Sitáńfọ̀dì gbé jáde ní ọdún 2023, bí a bá wà lójú ewé `txt2img`, níbi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ nìkan bẹ̀rẹ̀ àwòrán, tí a sì yan `openpose` níbi Preprocessor, ẹ̀rọ kan á kọ́kọ́ wá ojú àmì 18 lára ẹni inú fọ́tò: imú, ojú méjì, etí méjì, ọrùn, èjìká, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ọwọ́, ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Á fi ìlà aláwọ̀ so wọ́n pọ̀ lórí ilẹ̀ dúdú. Àwòrán egungun yìí nìkan ni ẹ̀rọ ayàwòrán rí. Kò fojú kan fọ́tò náà rárá.

Mo fi fọ́tò ọkùnrin onígángan kan dán an wò. Ó fi apá òsì há ìlù mọ́ abíyá, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kọ̀ǹgọ́ sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tó wọ ìró àti bùbá ni mo fẹ́ fi sí ìdúró yẹn. Nígbà tí egungun jáde, irùngbọ̀n onílù kò sí níbẹ̀, ìlù fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, èmi ni mo ní láti kọ ọ́ pé ìyá náà há ìlù mọ́ abíyá. Ìgbọ̀nwọ́ òsì tí ìlù bò pàápàá, ẹ̀rọ kò rí i, apá ìyá náà sì kọ́kọ́ jáde ní rádaràda títí mo fi fọwọ́ ara mi fi àmì kan sí ibi tó yẹ kí ìgbọ̀nwọ́ wà. Lẹ́yìn náà ni mo tọ́jú àwòrán egungun tí mo ti tún ṣe, mo yọ fọ́tò kúrò pátápátá, mo yan `none` níbi Preprocessor, mo sì fi Seed, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀ àwòrán, àti ọ̀rọ̀ kan náà yà á. Ìyá kan náà ló tún jáde. Bí ojú onílù bá wà nínú iṣẹ́ náà ni, ibo ló ti wọlé nígbà tí fọ́tò rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́?

Síbẹ̀, ẹni tó ní òun rí ojú ẹni inú fọ́tò kò purọ́ dandan. Ẹ jẹ́ kó wo ojú ewé tó wà. Tó bá jẹ́ `img2img` ni, tí Denoising strength, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe máa yí fọ́tò padà tó, sì wà ní 0.4, fọ́tò náà gan-an ni ẹ̀rọ ń tún kùn, ojú á sì kù síbẹ̀. Ìkìlọ̀ kò ràn án, nítorí pé ẹ̀rọ kì í gbọ́ «má ṣe» dáadáa. Orúkọ ohun tí a kà léèwọ̀ ló ń gbọ́. Tó bá sì jẹ́ `openpose_full` tàbí `openpose_face` ló yàn, àmì 70 ló ti fi kún ti ojú nìkan: eteetí àgbọ̀n, ìpéǹpéjú, ètè. Èyí kì í gbé àwọ̀ tàbí ilà ojú wá, ṣùgbọ́n ó ń gbé bí àgbọ̀n ṣe gùn àti bí ẹnu ṣe rí. Ẹni tí kò fẹ́ ìyẹn, `openpose` lásán ni kó lò, tàbí `openpose_hand` tí ìka bá ṣe pàtàkì. Kó yẹra fún `depth` pẹ̀lú, torí pé ó máa ń mú bí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe yọ síta.

N kò wá sọ pé egungun kò gbé nǹkan kan ti ẹni inú fọ́tò wá. Gígùn apá, fífẹ̀ èjìká àti ìtóbi orí ń bá a wá. Gíga àgbàlagbà máa ń tó orí rẹ̀ méje àti ààbọ̀, ti ọmọ kékeré kò tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ tí a fi egungun onílù yà fi máa ń dà bí àgbàlagbà tó wọ aṣọ ọmọdé. Ẹ fa àwọn àmì náà súnmọ́ra, tàbí kí ẹ dín Ending Control Step, ibi tí egungun á ti ṣíwọ́ dídarí iṣẹ́, kù sí bíi 0.6. Níbi tí fọ́tò bá sì ti jẹ́ orí àti èjìká nìkan, àlàfo ojú sí imú àti etí á hàn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ẹ fi àwòrán tó jáde wé fọ́tò náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́.