Bí «ẹ káàárọ̀» àti «ọkà» ṣe ń di àjèjì létí ọmọ Yorùbá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí ọmọ Èkìtì tàbí ọmọ Oǹdó bá ka ìwé kan tí a túmọ̀ sí Yorùbá, tó sì ní àwọn kì í sọ ọ́ báyẹn nílé, ohùn lásán ló yàtọ̀. Ohùn yàtọ̀ lóòótọ́, nítorí ẹni tó ń pe ilé ní «ulé» yóò tètè mọ̀ pé kì í ṣe ará ilé òun ló kọ «ilé», ṣùgbọ́n ìyẹn kì í dí òye lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ gan-an ni arọ́pò-orúkọ kékeré tó ṣíwájú ìkíni, àti orúkọ oúnjẹ tí gbogbo wa jọ ń pè, tí kì í sì í ṣe ohun kan náà ló ń wá sí wa lọ́kàn.

Yorùbá inú ìwé dúró lórí ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn àmì Ẹ̀gbá díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì àti Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ló ti gba ìrísí rẹ̀ kí Bíbélì odidi tó jáde ní 1884. Nínú ẹ̀ka-èdè yìí, «ẹ wá» ni fún àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀, «wọ́n wá» sì ni fún àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. «Ẹ» yìí kan náà ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbàlagbà kan ṣoṣo, òun ló sì fún wa ní «ẹ káàárọ̀».

Nínú àwọn ẹ̀ka-èdè apá gúúsù ìlà-oòrùn, níbi tí Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ wà, ìlà tó pín «ẹ» níyà kúrò lára «wọ́n» ti parẹ́. «Àn án wá» lè jẹ́ «ẹ wá», ó sì lè jẹ́ «wọ́n wá», bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wáyé ni yóò fi hàn. Àwọn onímọ̀ èdè kan gbà pé lílo «ẹ» fún ọ̀wọ̀ ló jẹ́ kí apá Ọ̀yọ́ di ìyàtọ̀ yìí mú: ẹ̀yà ọ̀rọ̀ tí a bá ń lò lójoojúmọ́ fún àgbà kì í rọrùn láti pòórá. Èrò yẹn tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ó fi hàn pé ìwà ìkíni lè pa gírámà mọ́.

Nítorí náà, bí ọmọ Oǹdó tó dàgbà sí ẹ̀ka-èdè rẹ̀ bá fi arọ́pò-orúkọ ẹnì kan ṣoṣo kí ìyá rẹ̀, kò rí ìyá náà fín rárá. Orúnkún tó fi kanlẹ̀, ohùn tó rọ̀ àti «ìyá mi» tó fi pè é ni ọ̀wọ̀ rẹ̀ wà. Ó máa ń dùn mí nígbà tí wọ́n bá sọ pé àwọn ará ibẹ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé òṣùwọ̀n ilé ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n. Olùtumọ̀ tó bá kọ gbólóhùn ọmọ yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú «o» yóò sọ ọmọ ire di aláfojúdi lójú òǹkàwé Ìbàdàn. «Ẹ» ló yẹ kó kọ. Bí ó bá sì pàdé «àn án wá lánàá» nínú lẹ́tà, kó wo gbólóhùn tó ṣáájú kó tó yan «ẹ» tàbí «wọ́n», torí pé bó bá ṣì í yàn, ẹni tó wá yóò di ẹlòmíràn.

Ti oúnjẹ pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní kò le: ẹni tó mọ iṣu tí a sè pọ̀ mọ́ epo àti ata sí ẹ̀bẹ yóò rí «àsáró» bí ọ̀rọ̀ ará ìlú mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń pe mọ́ínmọ́ín ní ọ̀lẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yóò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ.

Èkejì ló léwu, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Nínú Bíbélì, Jékọ́bù gbọ́ pé ọkà wà ní Íjíbítì, ó sì rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ rà á, irúgbìn ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, ọkà ni àmàlà tí a fi èlùbọ́ ro, tí ìyá ń fi orógùn yí nínú ìkòkò. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá a rìn ni yóò tú àṣírí rẹ̀: ọkà tí a gbìn tàbí tí a kórè kì í ṣe oúnjẹ inú àwo, èyí tí a bá sì ní a rò kì í ṣe irúgbìn. «A jẹ ọkà kí a tó lọ sóko» kò ní irú àtìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀, ó sì lè yọrí sí ibi méjèèjì. Bí àmàlà ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn, kó kọ «àmàlà». Bí àgbàdo ni, kó kọ «àgbàdo».