Láìkì pọ̀, àmọ́ èèyàn mélòó ló rí i?

Ẹni tó ń ta àdìrẹ l'Óṣogbo, tó bá ti gbé fọ́tò sórí Instagram, láìkì ló kọ́kọ́ máa ń wò, tó bá ti tó igba, inú ẹ̀ á dùn. Mi ò bá a wí, òun ló hàn síta jù. Àmọ́ láìkì ò lè sọ iye èèyàn tí pósítì yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ fi Ọjà Ọba wò ó. Láìkì ni "ẹ kú ọjà o". Àwọn tó mọ̀ yín ló máa ń kí yín jù, tí wọ́n bá sì ti kí yín tán, wọ́n ti bá tiwọn lọ nìyẹn. Ẹni tó ṣe séèfù ni oníbàárà tó ní "Ìyá, ẹ bá mi ká ìró yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń padà bọ̀". Ẹni tó ṣe ṣíà wá ni èyí tó lọ fa ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́ láti ìsọ̀ kejì, tó ní "wá wo aṣọ", ọ̀rẹ́ yẹn ò sì mọ̀ yín rí láyé ẹ̀.

Bí àápù náà ṣe ń rò ó nìyẹn. Adam Mosseri, ọ̀gá Instagram, sọ ọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé láìkì wúlò díẹ̀ ju kí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ láàárín àwọn tó ti ń fọ́ló èèyàn tẹ́lẹ̀, àmọ́ tó bá di pé kí pósítì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ò fọ́ló, kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ síra wọn ló ṣe pàtàkì ju láìkì lọ díẹ̀.

Ká ní aláàdìrẹ wa ní pósítì méjì. Èkíní, fọ́tò òun fúnra ẹ̀ nínú bùbá tuntun: láìkì 240, ṣíà 3, séèfù 2. Ìkejì, fídíò bí wọ́n ṣe ń fọ àdìrẹ kí aró má bàa ṣí: láìkì 70 péré, ṣíà 95, séèfù 130. Ó ti fẹ́ pa fídíò yẹn rẹ́, ó ní kò ṣe dáadáa! Ìyẹn gan-an ló máa ń dùn mí. Kó tẹ View insights, kó wo Accounts reached: fọ́tò dé ọ̀dọ̀ èèyàn 900, tí gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ fọ́lówà ẹ̀, fídíò dé ọ̀dọ̀ 4,100, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì fọ́ló o. Kó wá fi iye tó rí i pín iye tó ṣíà: nínú ọgọ́rùn-ún tó rí fídíò, bí èèyàn méjì lé díẹ̀ ló fi ránṣẹ́, ti fọ́tò ò tó ẹyọ kan.

Àmọ́ kó ṣọ́ra o. Wọ́n lè máa ṣíà nǹkan torí pé wọ́n fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, kọ́mẹ́ǹtì ló máa fi mọ̀. Tí pósítì bá sì dé ọ̀dọ̀ ogójì èèyàn péré, ṣíà méjì ò tíì sọ nǹkan kan. Àwọn tó kàn ya sikirinṣọ́ọ̀tì tí wọ́n fi sí sítátọ́ọ̀sì Wáásáàpù ńkọ́? Insights ò rí wọn rárá, àfi kí òun fúnra ẹ̀ máa bi oníbàárà tuntun pé "níbo lẹ ti rí mi?"