Iṣẹ́ àgbélọ-gbébọ̀: ta ló pè é ní ìsinmi?

Kí èèyàn gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ní orílẹ̀-èdè mìíràn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kó sì gbé e padà: "ìsinmi oníṣẹ́" ni àwọn kan ń pè é. Àwọn mìíràn kàn ń pariwo "wọkéṣọ̀n" bí ẹni tí òkèlè há lọ́fun. N kò fara mọ́ ọ̀kankan. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn kò sinmi rárá: ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, ọ̀gá rẹ̀ sì ń retí iṣẹ́. Kọ "ìsinmi" sínú lẹ́tà ìbéèrè rẹ, kí akọ̀wé yọ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò nínú ìsinmi ọdún rẹ, kò ní jẹ̀bi. Àwọn tó ní "iṣẹ́ alágbèéká" sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ohun alágbèéká kì í ní ọjọ́ ìpadà. Àgbélọ-gbébọ̀ ni tèmi, torí pé gbígbé e bọ̀ ni ìdajì ohun tí à ń tọrọ.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ lọ dà bí ẹni tó fa ewúrẹ́ ẹlòmíràn gba inú oko olóko. Bó bá ń kọjá lọ, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Bó bá so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́, olówó ewúrẹ́ ni olóko máa wá kàn. Ilé iṣẹ́ rẹ ni olówó ewúrẹ́, orílẹ̀-èdè tí o lọ ni olóko, ohun tó sì ń ba ilé iṣẹ́ lẹ́rù nìyẹn.

Ká sọ pé Jámánì ni o ti ń ṣiṣẹ́, o sì fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wo ẹbí ní Bìrìtéènì. Láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2024, òfin ibẹ̀ gbà kí àlejò máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ti òkèèrè, bí kì í bá ṣe torí iṣẹ́ náà ló ṣe wá. Nítorí náà, ẹbí ni kí o kọ́kọ́ dárúkọ lẹ́nu ibodè. Ní ti owó orí, àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì fi ọjọ́ 183 ṣe òdiwọ̀n: ẹni tí kò bá lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, Jámánì ló ń san án fún. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹ̀ka ilé iṣẹ́ rẹ tó wà ní Bìrìtéènì ló ń san owó oṣù rẹ, ọjọ́ kékeré kò gbà ọ́. Má sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú oníbàárà níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ewé ẹ̀gẹ́.

Lẹ́tà tí o máa fi tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rẹ kò gbọdọ̀ gùn: ọjọ́ ìlọ, ọjọ́ ìpadà, àdírẹ́sì, wákàtí tí wọ́n lè fi rí ọ, àti gbólóhùn kan pé o kò ní fọwọ́ sí àdéhùn kankan. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba ìwé A1, tó ń fi hàn pé Jámánì lo ti ń san owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìlera. Kọ ọ́ kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá yọ́ lọ, kọ̀ǹpútà ni yóò tú u fó: yóò tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ètò ààbò yóò rí i pé orílẹ̀-èdè mìíràn ló ti ń wọlé, yóò sì tì í síta.

Bí o bá sì fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, tún ìbéèrè kọ. Ìwé A1 tí wọ́n kọ ọjọ́ 21 sí kò bo ọjọ́ kejìlélógún.