Yíyan ọ̀rá àti òróró fún ọṣẹ àfọwọ́ṣe

Ọ̀rá tàbí òróró tí a bá fi ṣe ọṣẹ ló ń pinnu bí yóò ṣe le tó, bí yóò ṣe hó tó, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Eérú náà lọ́wọ́ sí i: pòtásíọ̀mù inú eérú èèpo kòkó ló ń mú kí ọṣẹ dúdú rọ̀, bó ti wù kí epo rẹ̀ le tó. Ọṣẹ líle tí a fi kọ́sítíìkì sódà ṣe ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Àdín ló ń hó jù. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ásíìdì lọ́ríkì, tó ń fún ọṣẹ ní ìhó ńláńlá, tó sì ń jẹ́ kó tètè le. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdín àgbọn. Àmọ́ ọṣẹ tó jẹ́ kìkì àdín kì í pẹ́ yọ́ tán nínú omi, ó sì máa ń bó ọ̀rá ara débi pé awọ á gbẹ, á máa fà. Ìyẹn ò burú fún aṣọ. Fún ìwẹ̀, ó sàn kí àdín má ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Epo pupa ni a fi ń dí àlàfo yìí. Ìhó tirẹ̀ kéré, ó sì ki, àmọ́ ọṣẹ rẹ̀ le, kì í sì í tètè tán. Àwọ̀ rẹ̀ a máa hàn lára ọṣẹ, àfi tí a bá kọ́kọ́ yọ epo náà títí ó fi funfun. Apá kan nínú òrí kì í di ọṣẹ rárá. Òun ló ń ṣẹ́ kù tó ń mú ara dán. Tí òrí bá pọ̀ jù, ìhó á dínkù.

Òróró ẹ̀pà àti ti sóyà ló ń ba ọjọ́ orí ọṣẹ jẹ́. Ásíìdì línóléíkì inú wọn máa ń bá afẹ́fẹ́ jà, pàápàá tí irin tàbí bàbà bá kàn án. Àmì rẹ̀ ni tótòtó aláwọ̀ ọsàn lára ọṣẹ àti òórùn epo tó ti pẹ́.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: epo pupa gíráàmù 500, àdín 300, òrí 200. Gíráàmù epo pupa kan ń gba kọ́sítíìkì bíi 0.142, àdín 0.176, òrí 0.128. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 149.4. A ó yọ ìdá 5 nínú 100 kúrò, kí òróró díẹ̀ lè ṣẹ́ kù fún awọ ara. Ó ku nǹkan bí 142. Inú omi ni a ń da kọ́sítíìkì sí, a kì í da omi lé e lórí.

Ká ní àdín wọ́n lọ́jà, tí ẹnì kan wá fi òróró ẹ̀pà 300 rọ́pò rẹ̀ láì tún ìṣirò ṣe. Òróró ẹ̀pà ń gba 0.136 péré, nítorí náà 137.4 ni gbogbo àpòpọ̀ náà lè gbà. Kọ́sítíìkì tó lé ní gíráàmù 4 yóò ṣẹ́ kù nínú ọṣẹ, yóò sì máa ta ara.