Bí dídín spíìdì fáànù àti pọ́ǹpù kù díẹ̀ ṣe ń gé owó iná wálẹ̀, àti ibi tí kò ti ní ṣiṣẹ́

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àgbàdo nínú dráyà, tẹ́ ẹ bá dín bó ṣe ń yí kù ní ìdá kan péré nínú márùn-ún, iná tó ń jẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín dé ìdajì. Mo mọ̀ pé ó máa ń dà bí irọ́ létí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní dráyà ní Ìyàrà sọ fún mi pé, "Àbúrò, tí mo bá dín spíìdì kù sí ìdá 80 nínú 100, ìdá 80 náà ni màá san lówó dísẹ́ẹ̀lì, kí lo tún ń sọ?" Ìbéèrè gidi ni, òun ni mo fẹ́ dáhùn níbí torí ọ̀pọ̀ èèyàn láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀ ló ń dáná sun owó lórí fáànù àti pọ́ǹpù lójoojúmọ́ tí wọn ò sì mọ̀.

Ẹ wo abẹ́ fáànù bó ṣe ń yí. Ní gbogbo ìgbà tó bá yípo lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀n atẹ́gùn kan náà ló ń gbá jáde, torí náà tó bá ń yí ní ìdá 80 spíìdì tó ń yí tẹ́lẹ̀, atẹ́gùn tó ń jáde náà á di ìdá 80. Ibí yẹn ò ṣòro, gbogbo wa la gbà á. Àmọ́ kì í ṣe kí atẹ́gùn jáde nìkan ni, fáànù gbọ́dọ̀ fi agbára tì í kó tó lè gba àárín àgbàdo kọjá. Agbára títì yẹn ń wá látinú bí atẹ́gùn ṣe ń sáré tó nígbà tó ń kúrò lẹ́nu abẹ́, tẹ́ ẹ bá sì fi ìsáré yẹn lọ́nà ara ẹ̀, ìyẹn ni ìwọ̀n títì náà ń tẹ̀lé. Ìdá 80 lọ́nà ìdá 80 jẹ́ ìdá 64. Iná tí fáànù wá ń jẹ, iye atẹ́gùn tó ń jáde ni, lọ́nà bó ṣe ń tì í tó. Ìdá 80 lọ́nà ìdá 64, ó jẹ́ ìdá 51 àti díẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ni spíìdì wọ inú ìṣirò yẹn, òun ló fà á tí iná fi ń já wálẹ̀ ju bí spíìdì ṣe dín lọ. Pọ́ǹpù tó ní abẹ́ tó ń yí nínú ikarahun náà, òfin kan náà ló ń tẹ̀lé. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí, Q ni ìwọ̀n omi tàbí atẹ́gùn, H ni bó ṣe ń tì í tó, P ni iná, N ni spíìdì, 1 ni ti tẹ́lẹ̀, 2 ni ti tuntun:

```
Q2 = Q1 × (N2/N1)
H2 = H1 × (N2/N1)^2
P2 = P1 × (N2/N1)^3
```

Ẹ jẹ́ ká wá mú dráyà kan. Mótò iná ẹ̀ ń yí ní 1450 ní ìṣẹ́jú kan, púlì tó wà lára mótò jẹ́ ínṣì 5, púlì ara fáànù náà ínṣì 5, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀, torí náà fáànù náà ń yí ní 1450. Ní spíìdì yẹn fáànù ń gba kílówáàtì 4. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn yẹn pọ̀ jù fún àgbàdo tó wà nínú dráyà, ló fi jẹ́ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń pa dámpà, ìlẹ̀kùn kékeré tó wà lójú ọ̀nà atẹ́gùn, dé díẹ̀ kó lè dín atẹ́gùn kù sí ìdá 80. Ó rò pé òun ti dín iná náà kù. Rárá o. Mótò ṣì ń sáré bó ṣe ń sáré, fáànù ṣì ń ti atẹ́gùn pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀, dámpà tí wọ́n pa dé yẹn ló kàn ń fi agbára yẹn ṣòfò lójú ọ̀nà. Ká ní fáànù náà ṣì ń gba kílówáàtì 3.5 níbẹ̀.

Ká wá ṣí dámpà yẹn sílẹ̀ pátápátá, ká yọ púlì ínṣì 5 tó wà lára mótò, ká fi ti ínṣì 4 síbẹ̀. Mótò ṣì ń yí ní 1450, fáànù wá ń yí ní 1160. Atẹ́gùn tó ń jáde jẹ́ ìdá 80 tó dámpà fún wọn tẹ́lẹ̀, àmọ́ iná ti di bíi kílówáàtì 2. Tí wọ́n bá ń lò ó fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, kílówáàtì-wákàtí 35 ti di bíi 20, púlì kan àti bẹ́líìtì tó kúrú díẹ̀ ló sì ṣe gbogbo ìyẹn, nǹkan tí ẹ lè rí rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Nínú dráyà tí àgbàdo ẹ̀ nípọn, atẹ́gùn lè má rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ torí àgbàdo kì í dènà atẹ́gùn bíi páìpù, àmọ́ kò ní jìnnà sí i. Kí ẹ sì máa wo bó ṣe gbóná, torí tí atẹ́gùn bá kéré jù fún iná tó ń dá ooru, àgbàdo á jóná.

Ohun kan wà tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ lẹ́yìn èyí. Wọ́n á fi mítà tó lẹ́nu bí ẹ̀mú há wáyà mótò láti wo áńpíà, tí wọ́n bá rí i pé kò dín dé ìdajì, wọ́n á ní irọ́ ni. Mótò oníwáyà mẹ́ta tó jẹ́ kílówáàtì 4 máa ń gbà bíi áńpíà 8 tó bá gbé ẹrù tó kún, tí ẹrù bá dín dé ìdajì, áńpíà lè má kéré sí 5. Kì í ṣe pé fáànù ò dín iná, apá kan áńpíà yẹn ni mótò fi ń ṣe òòfà inú ara ẹ̀, ìyẹn kì í dín. Mítà tó ń ka kílówáàtì gangan tàbí iye dísẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ ń rà ní ọ̀sẹ̀ kan ló máa sọ òótọ́ fún yín. Ti jẹnẹrétọ̀ náà wà níbẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ yín bá tóbi jù fún iṣẹ́ náà, ó máa ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ kódà tí kò bá gbé nǹkan kan, torí náà ohun tẹ́ ẹ máa rí pa mọ́ ò ní tó ohun tí ìṣirò sọ.

Kí ẹni tó fẹ́ yí púlì má ṣe yí i sápá kejì o! Tẹ́ ẹ bá gbé púlì tó tóbi jù sára mótò kí fáànù lè fẹ́ dáadáa, tí spíìdì fi lé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, iná á lé ní ìdá 33 nínú 100. Mótò tó ti ń gbé ẹrù tó kún tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kò ní pẹ́ kí wáyà inú ẹ̀ jóná. Mo ti rí mótò tó jóná báyìí tí wọ́n sì ní iná burúkú ló ba á jẹ́, púlì ni.

Ibòmíì wà tó yẹ ká fara balẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò pa dámpà dé tẹ́lẹ̀, pé gbogbo atẹ́gùn yẹn lẹ nílò, dídín spíìdì á jẹ́ kí iṣẹ́ pẹ́. Atẹ́gùn tó ń jáde fún wákàtí mẹ́wàá á wá gba wákàtí méjìlá àti ààbọ̀. Kílówáàtì 2 àti díẹ̀ fún wákàtí méjìlá àti ààbọ̀ jẹ́ bíi 26, dípò 40. Ìyẹn ṣì dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ó sì dáa, àmọ́ kì í ṣe ìdajì. Ẹni tó bá ń ta ẹ̀rọ fún yín tí kò sọ apá yìí fún yín, ẹ bi í.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù fún àwa tí àpáta àti òkè pọ̀ ní ilẹ̀ wa ni omi tí a ń fà lọ sókè. Tánkì wà lórí òkè, kànga wà nísàlẹ̀, mítà 30 ló wà láàárín wọn ní gíga. Mítà 30 yẹn ò bìkítà bí pọ́ǹpù ṣe ń yí, òòfà ilẹ̀ ni, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tì í kọjá kí ẹ̀kán omi kan tó dé tánkì. Ká ní pọ́ǹpù yín lè ti omi dé mítà 50 nígbà tí ẹnu páìpù bá dé pátá, ní spíìdì tó kún ó sì ń gbé mítà kúbíìkì 10 ní wákàtí kan, pẹ̀lú mítà 10 fún ìfarakínra inú páìpù lórí mítà 30 yẹn. Ẹ dín spíìdì sí ìdá 90, títì tó ga jù lọ tí pọ́ǹpù lè ṣe á di 40 àti ààbọ̀ dípò 50, omi á sì di bíi 7 dípò 9 tí ẹ ń retí. Ẹ tún dín in sí ìdá 80, títì á di 32, mítà 2 péré ló kù lórí 30, omi tó máa dé òkè á di bíi 3. Tẹ́ ẹ bá wá sọ ọ́ di ìdá 77, títì ò tó 30 mọ́. Ohunkóhun ò ní dé tánkì, pọ́ǹpù á kàn máa po omi inú ikùn ẹ̀ kiri títí tó máa gbóná, tí síìlì á fi bàjẹ́. Àǹfààní pé spíìdì wọ inú ìṣirò lẹ́ẹ̀mẹta yẹn ò sí níbi tí òkè ti pọ̀ ju ìfarakínra páìpù lọ.

Kí ẹ tó náwó, ẹ fi gáájì sára páìpù tó jáde látinú pọ́ǹpù, lẹ́yìn fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà. Ẹ wò ó nígbà tí omi ń lọ, kí ẹ tún wò ó nígbà tẹ́ ẹ bá pa pọ́ǹpù, tí fáàfù yẹn ò jẹ́ kí omi padà. Tí gáájì ọ̀ún bá já wálẹ̀ gan-an nígbà tẹ́ ẹ pa á, ìfarakínra ló pọ̀, dídín spíìdì á ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìyẹn ni omi tó ń yípo nínú odò ẹja, tàbí tí wọ́n ń fà láti kánáàlì sí oko ìrẹsì tó tẹ́jú bíi ti Ẹjìbà. Tí kò bá já ju díẹ̀ lọ, òkè ló pọ̀, páìpù tó fẹ̀ sí i tàbí pọ́ǹpù tó bá gíga yẹn mu ni kí ẹ wá, kì í ṣe spíìdì.

Níbi tí pọ́ǹpù ti so tààrà mọ́ mótò tí kò sí púlì, ẹ̀rọ tó ń yí Hz iná padà, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni wọ́n ń lò, 50 Hz fún spíìdì tó kún, 40 Hz fún ìdá 80. Kì í ṣe ínfátà sólà tí a fi ń tan iná ilé o, bẹ́ẹ̀ ni kò bá mótò kékeré oníkàpásítọ̀ lò, oníwáyà mẹ́ta ló yẹ. Mótò tó wà nínú kànga kì í fẹ́ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ju 30 Hz lọ nítorí omi tó ń kọjá lára ẹ̀ ló ń mú un tutù. Pọ́ǹpù olópìsítìn náà ò sí nínú òfin yìí, òun kàn ń dín iná bí spíìdì ṣe dín, ìdá 80 fún ìdá 80, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rò.