Àbúrò mi ni yóò gba kọ́kọ́rọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ayálégbé tó wà lókè òkun

Láti ìgbà tí àbádòfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ ilé yíyá ti dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2025, tí ariwo sì ta pé éjẹ́ńtì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó òwò ilé àti ilẹ̀, ọkàn ọ̀pọ̀ ẹni tó yá ilé l'Ékòó láti ìlú òyìnbó ò balẹ̀ mọ́. Wọn ò lè wálé wá gba kọ́kọ́rọ́; ẹbí ni wọ́n fẹ́ rán. Ìbéèrè wọn nìyí.

Ṣé àbúrò mi náà ti di éjẹ́ńtì nìyẹn, tí yóò fi lọ forúkọ sílẹ̀?

Rárá. Ẹni tó ń fi ilé wíwá àti ilé yíyá jẹun là ń pè ní éjẹ́ńtì. Aṣojú yín ni àbúrò yín, kódà bí ó bá gba owó mọ́tò lọ́wọ́ yín (yóò sì gbà á).

Ṣé lẹ́tà lásán ti tó, àbí mo gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ nótárì?

Fún kọ́kọ́rọ́ gbígbà àti owó ilé sísan, lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ sí ti tó. Ẹnikẹ́ni ló lè bá èèyàn san owó tó jẹ, onílé kàn fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe olè ni òun gbé kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìwé àdéhùn. Bí ẹ bá fẹ́ kí àbúrò yín fọwọ́ sí àdéhùn lórúkọ yín, lẹ́tà lásán lè má tó mọ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má tilẹ̀ gbé e débẹ̀: ẹ ní kí wọ́n fi àdéhùn náà ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dá a padà. Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ yẹn.

Bí kò bá ṣeé yẹ̀, ìwé tí àwọn lọ́yà ń pè ní páwà ọf atọ́nì ni ẹ máa ṣe. Ẹ fọwọ́ sí i níwájú nótárì ní ìlú tí ẹ wà, tàbí níwájú aṣojú ìjọba Nàìjíríà níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé abala 150 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ti gba ọwọ́ nótárì tàbí kọ́ńsù kọjá, kí ilé ẹjọ́ gbà pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló fọwọ́ sí i lóòótọ́. Láìsí ìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa wá ẹ̀rí kiri lọ́jọ́ tí ìjà bá dé. Ilé tí wọ́n yá ju ọdún mẹ́ta lọ tún yàtọ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà ṣe tiyín.

Kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà náà gan-an?

Lẹ́tà tó burú jù lọ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tó ní ìlà kan péré: «Ẹ jọ̀wọ́, ohunkóhun tí àbúrò mi bá ṣe, èmi ni mo ṣe é.» Ó dùn létí, ó sì fi ìfẹ́ hàn. Àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ ti fún àbúrò rẹ̀ láṣẹ láti fi ilé sílẹ̀, láti gba owó kọ́ṣọ̀n padà, àti láti gbà kí owó ilé lọ sókè. Ẹ kọ ohun tí ó lè ṣe, ẹ kọ ohun tí kò lè ṣe, ẹ sì kọ ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò tán. Báyìí ni ti ẹni tó yá ilé oníyàrá méjì ní Ògbà ṣe lè rí:

> Ẹ̀yin Alàgbà Lágbájá,
>
> Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àbójútó ilé. Èmi Tàmẹ̀dù, tí mo yá yàrá méjì àti pálọ̀ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín ní Ògbà, ni mo kọ ìwé yìí. Mo yan àbúrò mi, Làkáṣègbè, láti bá mi ṣe nǹkan mẹ́ta: kí ó gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé náà lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá 2026, kí ó san owó ilé ọdún kan, 1,200,000 náírà, sínú àkáǹtì tó wà nínú àdéhùn wa, kí ó sì gba rísíìtì tí ẹ kọ lórúkọ mi.
>
> Kò láṣẹ láti yí àdéhùn wa padà, láti fi ilé náà sílẹ̀, láti gba owó padà lọ́wọ́ yín, tàbí láti fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Àṣẹ yìí yóò tán ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹwàá 2026. Ìwé yòówù tí ẹ bá fún un nípa ilé náà, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì mi lọ́jọ́ náà.

Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín àti ti àbúrò yín, àti irú ìwé ìdánimọ̀ tí yóò mú dání. Ẹ fi fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà, kí onílé lè fi ojú rẹ̀ wé ti ẹni tó dé. Orúkọ inú lẹ́tà gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìdánimọ̀ mu. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló kọ orúkọ tí wọ́n ń pe àbúrò nílé, tí káàdì rẹ̀ sì gbé orúkọ mìíràn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa dá a dúró sí, onílé ò sì jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ «láti gba owó padà» ni ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé. Owó kọ́ṣọ̀n tí onílé dá padà fún àbúrò yín, tí ẹ ò sì ti sọ pé kó má gbà á, lè ti kúrò lọ́rùn onílé. Inú ilé yín ni ẹjọ́ tó kù máa wà.

Ṣé kí n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí onílé lórí Wọ́sáàpù?

Ẹ lè fi ṣọ́wọ́, àmọ́ ẹ fi ímeèlì tí onílé ti mọ̀ mọ́ yín ránṣẹ́ pẹ̀lú, kí ẹ sì pè wọ́n lórí nọ́ńbà tí ẹ ti ń pè tẹ́lẹ̀. Kí onílé fèsì pé òun ti rí i, kí àbúrò yín tó gbéra.

Ṣé kí n fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò mi, àbí kí n san án fún onílé tààrà?

Tààrà ló dára jù bí ẹ bá ní àkáǹtì náírà. Ìwé àkáǹtì yín ti di ẹ̀rí nìyẹn, iṣẹ́ àbúrò yín á sì dín kù sí kọ́kọ́rọ́ àti rísíìtì.

Bí owó bá gba ọwọ́ àbúrò kọjá, ìṣòro kan wà tí ọ̀pọ̀ ò rò. Orúkọ àbúrò yín ni báńkì máa gbé sí iwájú onílé. Onílé, tàbí ọmọ rẹ̀ tó ń bá a kọ ìwé, á wo orúkọ yẹn, á sì kọ rísíìtì fún Làkáṣègbè. Lẹ́yìn ọdún méjì, tí ẹ bá fẹ́ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ yá ilé, rísíìtì méjì ti wà nílẹ̀ tó ní ẹlòmíràn ni. Nítorí náà, kí àbúrò yín tẹ ọ̀rọ̀ sí ibi àlàyé nígbà tó bá ń fi owó ránṣẹ́, bí àpẹẹrẹ:

```
OWO ILE TAMEDU OGBA 1/10/26-30/9/27
```

Rísíìtì kì í ṣe àánú onílé. Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, 2011, ló ní kí wọ́n fún yín, ó sì ka ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n gba owó, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti àkókò tí owó náà wà fún. Orúkọ ayálégbé ni orúkọ yín. Bí onílé bá fẹ́, kí ó fi kún un pé «láti ọwọ́ Làkáṣègbè». Kò sí wàhálà nínú ìyẹn.

Bí nọ́ńbà àkáǹtì tuntun bá sì ṣàdédé dé lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ sanwó, ẹ dúró. Ẹ pe onílé fúnra rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Kí ni àbúrò mi máa ṣe lọ́jọ́ tó bá lọ gba kọ́kọ́rọ́?

Kí ó ka kọ́kọ́rọ́: ti géètì, ti ẹnu ọ̀nà iwájú, ti ẹ̀yìn, ti yàrá kọ̀ọ̀kan. Kí ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ níṣojú ẹni tó fún un. Kọ́kọ́rọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn lálẹ́ àná lè kọ̀ láti ṣí i láàárọ̀ yìí, pàápàá bí ayálégbé tó kó jáde bá ti pààrọ̀ àgádágodo.

Lẹ́yìn náà, kí ó ya fídíò láti ẹnu ọ̀nà wọlé: ògiri, òrùlé, ẹ̀rọ omi, ilé ìwẹ̀, àti mítà iná pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀. Kí ó béèrè bóyá gbèsè iná wà nílẹ̀, nítorí orí tókìnì tí ẹ bá kọ́kọ́ rà ni gbèsè ẹni àná ti lè jáde. Kí òun àti onílé fọwọ́ sí ìwé kékeré kan tó ka iye kọ́kọ́rọ́ àti ohun tó ti bàjẹ́. Bí ẹnì kankan ò bá kọ ọ́ lónìí pé síńkì ti là, inú owó kọ́ṣọ̀n yín ni wọ́n máa ti yọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde.

Onílé ní nítorí pé mo wà lókè òkun, kí n san owó ọdún méjì.

Òfin 2011 ò gbà á fún ayálégbé tuntun. Ọdún kan ni òpin rẹ̀. Àmọ́ òfin náà ò kan Àpápá, Íkòyí, Ìkẹjà GRA àti Victoria Island. Ògbà ò sí nínú wọn.

Àbúrò mi ti ní òun máa sùn níbẹ̀ títí n ó fi dé. Ṣé kò burú?

Kó sùn mọ́jú láti ṣọ́ ilé yàtọ̀ sí kó máa gbé ibẹ̀. Bí ó bá ti kó ẹrù rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ wọlé, onílé lè sọ pé ẹ ti gbé ilé fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ, ọ̀pọ̀ àdéhùn ló sì ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ gba ìyọ̀ǹda onílé sínú ìwé kí ẹ tó jẹ́ kó kó wọlé.

Bí onílé bá fún àbúrò mi ní ìwé pé kí n kó jáde ńkọ́, tí èmi ò sì mọ̀?

Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù jù nìyí. Kò di dandan kí ìwé náà dé ọwọ́ yín ní Manchester. Òfin Èkó gbà kí wọ́n fún àgbàlagbà tó ń gbé inú ilé náà, tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó hàn ketekete lára ilé. Ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún ní oṣù mẹ́fà, àfi bí àdéhùn bá sọ òmíràn, ọjọ́ tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ ni kíkà máa ti bẹ̀rẹ̀. Kí àbúrò yín máa yà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà.

Èmi àti àbúrò mi ti jà. Báwo ni mo ṣe máa gba àṣẹ náà padà?

Onílé ni kí ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe àbúrò yín nìkan. Títí tí onílé fi gbọ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà pé àṣẹ náà ṣì wà, ohun tí ó bá sì bá àbúrò yín ṣe lábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ lè mú yín. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sí lẹ́tà tuntun, ẹ dárúkọ ọjọ́ tó wà lórí ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì ní kí onílé fèsì. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ padà. Bí àbúrò bá kọ̀ tí kò dá a padà, ẹ san owó àgádágodo tuntun, kí ẹ sọ fún onílé kí bírikílà tàbí káfíńtà tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.