Ilé mọ́kànlá, olówó kan: bí iye àárín ṣe ń ṣojú owó tó ń wọlé fún ìdílé ju ìpíndọ́gba lọ

Ká mú àdúgbò kan n'Ìbàdàn, ká sì ní ìdílé mọ́kànlá ni àwọn olùwádìí bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n béèrè iye owó tó wọlé fún ìdílé kọ̀ọ̀kan lóṣù tó kọjá, wọ́n sì to èsì náà láti orí èyí tó kéré jù lọ dé orí èyí tó pọ̀ jù lọ. Ní ẹgbẹ̀rún náírà, ohun tó wà lórí ìwé nìyí: 28, 35, 40, 48, 55, 60, 72, 85, 112, 165, 1,500. Ìdílé àkọ́kọ́ jẹ́ ti opó kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ló ni ilé epo tó wà lójú títì. Àwọn tó wà láàárín ni télọ̀, tíṣà, ọlọ́kadà àti àwọn tó ń pàtẹ lọ́jà. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye yìí, a ṣe wọ́n kí ìṣirò lè rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ ojúlé dé ojúlé rí láti béèrè owó yóò dá ìrísí wọn mọ̀: ọ̀pọ̀ ìdílé á kóra jọ sísàlẹ̀, díẹ̀ á wà lókè, ẹnì kan á sì dá wà lọ́nà jíjìn réré.

Bí a bá ro gbogbo owó náà pọ̀, ₦2,200,000 ni. Tí a bá pín in sọ́nà mọ́kànlá, ₦200,000 ló máa kan ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ìpíndọ́gba nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá ìdílé tó ń rí ₦200,000 nínú àwọn mọ́kànlá yìí. Kò sí. Mẹ́wàá nínú wọn kò tó o, èyí tó sún mọ́ ọn jù ló ń rí ₦165,000, nígbà tí owó ẹni tó ni ilé epo jẹ́ ìlọ́po méje ààbọ̀ ₦200,000 náà. Ìpíndọ́gba kò purọ́ o. Ìbéèrè mìíràn ló ń dáhùn: ká ní wọ́n kó gbogbo owó àdúgbò sínú àpò kan, tí wọ́n sì pín in dọ́gbadọ́gba, èló ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Kò sẹ́ni tó pín in. Owó ilé epo ṣì wà lápò ẹni tó ni ín. Nítorí náà, bí òǹkọ̀wé bá kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí pé “ìdílé àdúgbò yìí ń rí ₦200,000 lóṣù”, ó ti bu owó ẹnì kan wọ́n àwọn mẹ́wàá yòókù lórí, òǹkàwé yóò sì rò pé ibi tó rọ̀ṣọ̀mù díẹ̀ ni wọ́n ń gbé.

Iye àárín, tí àwọn oníṣirò ń pè ní mídíánì, kì í ro owó pọ̀ rárá. Ńṣe ló ń ka ìdílé. Tí gbogbo wọn bá ti tò tán, ẹni tó dúró láàárín gan-an ni à ń wá. Nínú mọ́kànlá, ẹni kẹfà ni: márùn-ún wà lẹ́yìn rẹ̀, márùn-ún wà níwájú. ₦60,000 lòun ń rí. Bí iye àwọn ìdílé bá jẹ́ nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì, bí i méjìlá, ẹni méjì ló máa wà láàárín. A ó ro owó àwọn méjèèjì pọ̀, a ó sì pín in sí méjì.

Ibi tí agbára rẹ̀ wà ni pé kò bìkítà nípa bí ẹni tó gbẹ̀yìn ṣe jìnnà tó. Kìkì pé ó wà níwájú ló kàn án. Ká ní olùwádìí kan, tó ti rẹ̀ lójú ọ̀sán, tẹ òdo kan lé e lórí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí ₦1,500,000 di ₦15,000,000. Irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ ju bí a ṣe ń gbà lọ. Lójú ẹsẹ̀, ìpíndọ́gba á fò láti ₦200,000 sí nǹkan bí ₦1,427,000. Iye àárín á ṣì wà ní ₦60,000. Èyí kò ní kí a má yẹ dátà wò fínnífínní, àṣìṣe àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n òdo kan ṣoṣo kò ní ba gbogbo tébù jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀, nítorí iye àárín nìkan kò sọ bóyá àwọn tó kù wà nítòsí rẹ̀ tàbí wọ́n fọ́nká. Ohun tó ń bá a rìn ni àlàfo ìdámẹ́rin, tí ìwé ìwádìí máa ń kọ ní IQR. Ẹ mú àwọn márùn-ún tó wà lẹ́yìn ẹni àárín: 28, 35, 40, 48, 55. Àárín tiwọn ni 40. Ẹ mú àwọn márùn-ún tó wà níwájú: 72, 85, 112, 165, 1,500. Àárín tiwọn ni 112. A ti rí ààlà ìsàlẹ̀, ₦40,000, àti ààlà òkè, ₦112,000. Bí i ìdajì gbogbo ìdílé ló wà láàárín ààlà méjèèjì, ìdámẹ́rin kan sì wà nísàlẹ̀, ìdámẹ́rin kan lókè. Tí a bá yọ 40 kúrò nínú 112, ó ku 72, ìyẹn ₦72,000. Òun gan-an ni àlàfo náà.

Ó dára kí òǹkọ̀wé kọ ààlà méjèèjì, kó má fi ₦72,000 nìkan sílẹ̀. Láti ₦60,000 sí ààlà ìsàlẹ̀, ₦20,000 péré ni. Láti ibẹ̀ sí ààlà òkè, ₦52,000 ni. Ẹni tó bá rí ọ̀nà méjì tí kò gùn dọ́gba yìí á ti mọ̀ pé ìrù owó náà gùn sí apá òkè, láì tíì rí àwòrán kankan. Gbólóhùn tó yẹ kó wà nínú ìwé kò ju báyìí lọ: “Iye àárín owó tó wọlé fún ìdílé lóṣù jẹ́ ₦60,000 (ààlà ìdámẹ́rin: ₦40,000 sí ₦112,000, ìdílé 11).”

Ẹ jẹ́ ká fi wé ohun tí wọn ì bá kọ bí wọ́n bá lo ìpíndọ́gba. Ìwọ̀n ìfọ́nká tó máa ń tẹ̀ lé ìpíndọ́gba ni SD, fún ìdílé mọ́kànlá yìí, ó tó nǹkan bí ₦433,000. Tébù á wá gbé “₦200,000 ± ₦433,000” jáde. Òǹkàwé tó bá yọ ìkejì kúrò nínú àkọ́kọ́ á bá ara rẹ̀ ní òdo ó dín ₦233,000. Ìdílé wo ni owó tó wọlé fún un lóṣù kéré sí òdo? Èyí ni ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ pé ìpíndọ́gba kò bá dátà mu: bí ohun tí à ń wọ̀n kò bá lè kéré sí òdo, tí SD sì tóbi ju ìpíndọ́gba fúnra rẹ̀, ìrù náà ti gùn. Àmì kejì ni kí ìpíndọ́gba jìnnà sókè sí iye àárín. Kódà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, iye àárín ni US Census Bureau máa ń fi síwájú tó bá ń kéde owó ìdílé: ti ọdún 2022 jẹ́ $74,580, nígbà tí ìpíndọ́gba ọdún kan náà kọjá $100,000.

Ohun kan wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀gá tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á lo dátà kan náà, iye àárín wọn á dọ́gba, ààlà wọn kò ní dọ́gba. Kì í ṣe pé ẹnì kan ṣi ìṣirò ṣe. Bí a ṣe ń wá ààlà ìdámẹ́rin pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, sọ́fítíwià kọ̀ọ̀kan sì ní èyí tó yàn. Ẹ wo èyí nínú R:

```r
owo <- c(28, 35, 40, 48, 55, 60, 72, 85, 112, 165, 1500)
median(owo)                                # 60
quantile(owo, c(0.25, 0.75))               # 44    98.5
quantile(owo, c(0.25, 0.75), type = 6)     # 40   112
```

Bí a kò bá sọ nǹkan kan fún R, 44 àti 98.5 ló máa mú wá. `QUARTILE.INC` nínú Excel á mú ohun kan náà wá, ṣùgbọ́n `QUARTILE.EXC` á fún wa ní 40 àti 112 tá a fi ọwọ́ kà. Bí ìdílé bá tó ẹgbẹ̀rún, ìyàtọ̀ yìí kì í sábàá hàn sójú. Nínú ẹgbẹ́ kékeré tó jẹ́ ogún ìdílé tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ó lè yí tébù padà, torí náà kí òǹkọ̀wé dárúkọ sọ́fítíwià àti ọ̀nà tó lò. Bí ìwádìí náà bá sì ní ìwọ̀n-òṣùwọ̀n fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, torí pé wọ́n mú àwọn kan ju bó ṣe yẹ lọ nínú àpẹẹrẹ wọn, `median()` lásán kò tó mọ́. Ìwọ̀n-òṣùwọ̀n là ń ṣírò títí yóò fi dé ìdajì àpapọ̀ rẹ̀, kì í ṣe iye orí.

Iye àárín náà ní ibi tí kò dé. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá fẹ́ mọ àpapọ̀ owó tó ń wọ àdúgbò náà, ìpíndọ́gba ni wọ́n nílò: ₦200,000 lọ́nà mọ́kànlá á dá ₦2,200,000 padà, ₦60,000 lọ́nà mọ́kànlá kò sì ní dá nǹkan gidi kankan padà. Lójú tèmi, ó tọ́ kí ìwé ìwádìí tó ń sọ nípa owó orí tàbí ìnáwó ìlú kọ méjèèjì, kó sì sọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni pé àwọn tí à ń bi léèrè kì í sọ ₦47,350. Wọ́n á ní “bí i àádọ́ta”. Nínú ìwádìí owó, ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń kóra jọ sórí nọ́ńbà róbótó bí i ₦50,000 tàbí ₦100,000, iye àárín á sì jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n padà síbẹ̀ lọ́dún kejì. Owó ọ̀pọ̀ ìdílé lè ti yí, kí iye àárín ṣì jẹ́ ₦50,000, nítorí òkìtì èsì tó wà lórí nọ́ńbà yẹn ṣì bo àárín mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá wo iye àárín nìkan á kọ ọ́ pé nǹkan kan ò yí padà. Kó wo ààlà méjèèjì: bí ti ìsàlẹ̀ bá ti ṣí láti ₦40,000 sí ₦30,000, ìdámẹ́rin tó kéré jù lọ ti ń rù, bí àárín ò tilẹ̀ mira.